Ọrùn Ló Ń Tú Àṣírí Fọ́tò

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2024, ọjọ́ tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yẹ́ ìyá sí, ààfin ọba wọn gbé fọ́tò kan jáde. Kate, ìyàwó Ọmọọba William, ló jókòó láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ rárá tí ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi ní kí ẹnikẹ́ni má lo fọ́tò náà mọ́. Reuters, AFP àti Getty náà yọ ọ́ kúrò. Ojú gbogbo wọn nínú fọ́tò náà rẹwà, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Etí ọwọ́ aṣọ ló tú àṣírí: níbi tí ọwọ́ òsì Charlotte kékeré ti yọ jáde nínú kádígàànù rẹ̀, ọwọ́ àti aṣọ kò bá ara wọn mu. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kate tọrọ àforíjì, ó ní òun lòun fọwọ́ ara òun tún fọ́tò náà ṣe.

Ẹni tó bá mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kún Ṣómólú ní Èkó tàbí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ pósítà òkú, káàdì ìgbéyàwó àti báńà ọjọ́ ìbí, á mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí Kate dán wò yìí ni àwọn kan ń fi jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá kan á kú tí kò fi fọ́tò kankan sílẹ̀ ju èyí tó wà lára káàdì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á sì fẹ́ rí i nínú agbádá pẹ̀lú fìlà abetí ajá. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló ní, tòun ti irun dídì àti aṣọ ilé. Wọ́n á ní kí wọ́n wọ léèsì fún un, kí wọ́n wé gèlè fún un. Kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe aṣọ wíwọ̀ náà.

Iṣẹ́ náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1978, Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní African Arts nípa àwọn onífótò ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú tí wọn kò tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífótò á ya èyí tó kù nìkan, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, ọmọbìnrin náà á wọ aṣọ tirẹ̀ fún ìyà àkọ́kọ́, á sì wọ aṣọ ọkùnrin fún èkejì. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ojú ìsopọ̀ bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kò gba ọrùn ẹnikẹ́ni kọjá. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, ìjókòó kan náà, ara kan náà. Kò sí ohun tó máa ń ta kora.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà ni ìgbà tí orí bá wá láti fọ́tò kan tí ara sì wá láti òmíràn. Àpẹẹrẹ àtijọ́ kan wà ní Ilé Ìkówèésí Ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress. Ó ṣàfihàn Ọ̀gágun Ulysses Grant lórí ẹṣin níwájú ibùdó ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú ìwé ibẹ̀ wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé fọ́tò mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀: orí Grant wá láti ọ̀kan, ara àti ẹṣin jẹ́ ti ọ̀gágun mìíràn tó ń jẹ́ McCook, àwọn tó wà lẹ́yìn sì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n kó ní Fisher's Hill. Lára ohun tó kọ́kọ́ fu wọ́n lára ni pé orí náà yí sí ẹ̀gbẹ́ lọ́nà tí kò bá ara mu, aṣọ rẹ̀ kò sì bá àsìkò tí wọ́n ní wọ́n ya fọ́tò náà mu. Ọrùn àti aṣọ, bí ti òní náà ni.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àfẹnusọ lásán, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀ ká sì bá a rìn dé òpin. Ìyá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún ti papò dà. Páásípọ́ọ̀tù kan ló wà: fíláàṣì ni wọ́n fi yà á, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, Màmá kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọrùn rẹ̀ hàn dé ìsàlẹ̀. Ara tí wọ́n rí ni ti àbúrò ìyàwó kan tó wọ léèsì aláwọ̀ wúrà, tó sì wé gèlè. Fóònù ni wọ́n fi ya ìyẹn ní ọ̀sán níbi ìnáwó, lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù. Àwọn ọmọ fẹ́ báńà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ṣe kì í ṣe gígé orí. Ó máa ń gbé fọ́tò méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì béèrè pé ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ojú ni yóò dá a lóhùn. Bí ó bá sún mọ́ ẹyinjú, yóò rí àmì funfun kékeré kan, òjìji imú yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣubú sí hàn án. Ti Màmá, àmì náà wà láàárín ẹyinjú gan-an nítorí pé iwájú ni fíláàṣì ti wá, òjìji imú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ti àbúrò ìyàwó, kánópì ti tú oòrùn ká, ìmọ́lẹ̀ sì dé ara rẹ̀ lápá gbogbo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí ṣeé bá ṣiṣẹ́. Ká ní inú oòrùn gangan ni obìnrin náà dúró sí ni, tí apá kan ara rẹ̀ mọ́ tí ìkejì sì dúdú, ẹni tó gbọ́n á dá fọ́tò náà padà ni, á ní kí wọ́n wá òmíràn wá. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn kan fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì jà pẹ̀lú ohun tó jẹ́ pé fọ́tò mìíràn ni ì bá yanjú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ìwọ̀n ló kàn. Orí tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íńṣì kan. Bí wọ́n bá síkáànù rẹ̀ ní 1200 dpi, orí náà yóò ga tó píkísẹ́lì 1200. Bí orí obìnrin inú fọ́tò fóònù kò bá ju 500 lọ, orí Màmá ni wọ́n gbọ́dọ̀ dín kù kí ó bá ara náà mu. Èyí tó bá tóbi jù ni à ń dín kù, a kì í na èyí tó kéré. Ara tí wọ́n bá fi tipá nà á di bàìbàì, orí tó já gaara á sì jókòó lé e lórí bí nǹkan tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ọrùn. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á gé orí lábẹ́ àgbọ̀n, á sì gbé e lé ọrùn ẹlòmíràn. Ọrùn àgbà ní ìlà, awọ rẹ̀ rọ̀, iṣan méjì sì wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí tó sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé ní kòtò tó wà láàárín eegun èjìká. Ọrùn ọmọ ogójì ọdún á jọ́lọ̀. Bí ojú ẹni ọgọ́rin ọdún bá wà lórí irú ọrùn bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò á kàn sọ pé, “Èyí kò jọ Màmá,” kò sì ní mọ ìdí. Nítorí náà orí àti ọrùn Màmá ló gbọ́dọ̀ wá pọ̀, títí dé kòtò ọrùn. Ọrùn obìnrin inú léèsì ni wọ́n á sọ nù. Télọ̀ kì í gbé ojú rírán sí àárín àyà. Ẹ̀gbẹ́ tàbí abẹ́ ìṣẹ́po ló ń fi í sí. Bákan náà ni ojú ìsopọ̀ fọ́tò: etí ọrùn bùbá ni ibùgbé rẹ̀, níbi tí aṣọ ti pàdé awọ. Ojú ẹni tó ń wò ó ti ń retí àlà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n léèsì tiwa yìí ní ọrùn gbòòrò, àyà obìnrin náà sì hàn díẹ̀. Awọ ti pàdé awọ nìyẹn, kò sì síbi ìsápamọ́. Níbí ni wọ́n ti nílò nọ́ńbà, nítorí ojú lásán ń tanni. Wọ́n á mú Eyedropper nínú Photoshop, wọ́n á fi Sample Size rẹ̀ sí 11 by 11 Average kí ó má baà jẹ́ ihò awọ kan ṣoṣo ni yóò kà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìsàlẹ̀ ọrùn Màmá fún wọn ní pupa 122, àwọ̀ ewé 84, búlúù 66. Àyà obìnrin náà fún wọn ní 108, 80, 74. Bí wọ́n bá sọ àwòrán náà di dúdú-àti-funfun fún ìgbà díẹ̀, àwọn ibi méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ wọn kò jìnnà síra, àwọ̀ ló yàtọ̀: pupa àyà kéré jù, búlúù rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ni kánópì. Aṣọ búlúù tó wà lókè orí ló da àwọ̀ rẹ̀ sí gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ rẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ ni Curves tí wọ́n so mọ́ ara nìkan, kí ó má ṣe kan orí. Wọ́n á gbé pupa sókè díẹ̀, wọ́n á fa búlúù wálẹ̀, wọ́n á tún ka nọ́ńbà náà títí tí méjèèjì á fi sún mọ́ra. Kò pọn dandan kí wọ́n dọ́gba pátápátá. Ọrùn gbogbo wa dúdú ju ojú lọ díẹ̀, pàápàá lábẹ́ àgbọ̀n. Bí wọ́n bá fi ọrùn dọ́gba pẹ̀lú ojú géńdé, ó ti di ojú ère nìyẹn. Ẹni tó bá gbé Brightness mú kí ó tó yẹ àwọ̀ wò ló ń da iṣẹ́ rú: á mú àyà mọ́ síi, búlúù á sì tún tàn síi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fọ́ ojú ìsopọ̀ náà. Orí Layer Mask ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lè ṣeé dá padà. Awọ sí awọ nílò búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí àyípadà náà lè nà tó ogún píkísẹ́lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì mú ìlà rẹ̀ rìn wọ́kuwọ̀ku tẹ̀ lé ìlà ọrùn, kí ó má lọ gbọọrọ. Ìlà gbọọrọ kì í sí lára ènìyàn. Lẹ́yìn náà, Healing Brush á mú àmì kékeré inú awọ láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n síkáànù ní hóró bébà lára. Fọ́tò fóònù kò ní. Fóònù ti fọ awọ mọ́ kọjá àlà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ẹni tó wò ó á rí i pé orí ṣe hórohòro, àyà sì ń dán. Wọ́n á dín hóró orí kù díẹ̀, wọ́n á sì fi Add Noise bu ìwọ̀nba hóró sórí ara, nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi Monochromatic sí i kí ó má baà mú àwọ̀ oríṣiríṣi wá. Hóró yìí ló ń so ìsopọ̀ yòókù pọ̀, òun sì ni wọ́n ń fi sí gbẹ̀yìn.

Aṣọ ní wàhálà tirẹ̀, léèsì sì ni olórí wọn. Ìdí ni pé léèsì ní ihò. Nígbà tí wọ́n bá yọ obìnrin náà kúrò ní ibi ìnáwó tí wọ́n sì gbé e sí iwájú àwọ̀ ojú ọ̀run, ihò etí apá léèsì náà ṣì gbé koríko àti àga ròbà ibi ìnáwó dání. Ẹni tó bá wo báńà náà láti ọ̀nà jíjìn kò ní rí i. Ẹni tó bá dúró tì í láti ya fọ́tò á rí ewé nínú apá Màmá. Kò sí ọgbọ́n tó yá jù níbẹ̀ ju kí wọ́n wá àwọ̀ kan nínú Channels, yálà pupa, ewé tàbí búlúù, tí ihò àti òwú ti yàtọ̀ síra jù lọ nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n fi Levels tì í títí tí òwú á fi funfun tí ihò á sì dúdú, kí wọ́n wá fi ìyẹn ṣe Layer Mask. Fún léèsì aláwọ̀ wúrà níwájú koríko, pupa ló sábà máa ń ṣiṣẹ́.

Ìlà funfun ni àlèébù kejì. Páásípọ́ọ̀tù Màmá ní ẹ̀yìn funfun, funfun náà sì ti dàpọ̀ mọ́ etí irun àti etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e síwájú àwọ̀ dúdú, ìlà tín-ín-rín kan á yí orí ká bí iná. Ní Select and Mask, wọ́n á fa Shift Edge wálẹ̀ dé nǹkan bí −20, kí ìgékù náà wọ inú díẹ̀. Bí ó bá ṣì kù, Clone Stamp tí wọ́n fi sí Darken á gbé àwọ̀ irun sórí ìlà náà láìba ohun tó dúdú tẹ́lẹ̀ jẹ́. Etí aṣọ kò gbọ́dọ̀ rọ̀ bí etí awọ. Píkísẹ́lì kan tàbí méjì ni àyípadà rẹ̀ máa ń gbà. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ á dà bí èéfín. Bí kò bá sí rárá, á dà bí ohun tí wọ́n fi síkísọ́ọ̀sì gé.

Clone Stamp fúnra rẹ̀ máa ń dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Bí apá kan léèsì bá bàjẹ́ tí ẹni náà sì ń daako òdòdó kan náà kiri, òdòdó mẹ́rin á ní òwú tó yọ lójú kan náà. Àwọn obìnrin tó ń ta léèsì á rí i kí àwọn oníbàárà tó rí i. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n máa daako láti ibi tó yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì jẹ́ kí òdòdó náà tẹ̀ lé bí aṣọ ṣe ká kò.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún ní ewu kan tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè yanjú. Ní oṣù Kẹjọ 1989, ìwé àtìgbàdégbà TV Guide ní Amẹ́ríkà gbé Oprah Winfrey sí ojú ìwé rẹ̀ nínú aṣọ tó ń dán. Yíyà ni wọ́n ya àwòrán náà, kò sì sí ojú ìsopọ̀ kankan lọ́rùn. Orí ni ti Oprah, ara jẹ́ ti òṣèré Ann-Margret láti inú fọ́tò ìpolówó 1979. Ẹni tó rán aṣọ náà fún Ann-Margret ló dá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí gbogbo ẹbí ti ń ra aṣọ ẹbí kan náà, irú àṣírí bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ kó tó tú. Ara tí wọ́n bá yá lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó, kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó. Kí wọ́n sì wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Èékánná gígùn aláwọ̀ pupa lọ́wọ́ ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ti mú kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ pósítà rẹ́rìn-ín níbi òkú. Kí wọ́n gé fọ́tò náà mọ́ àyà, ìyẹn ló rọrùn jù.

Òjìji ló kẹ́yìn, òun ló sì ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ lára ọmọ iṣẹ́. Gèlè tí wọ́n gbé lé orí Màmá wá pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òjìji lórí iwájú Màmá, nítorí iwájú ẹlòmíràn ni òjìji rẹ̀ wà. Ó wá ń léfòó. Òjìji méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ tín-ín-rín, ó dúdú, ó sì wà ní abẹ́ etí gèlè gan-an níbi tí aṣọ ti fara kan awọ; kò ju píkísẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Èkejì gbòòrò, ó rọ̀, ó ń ṣá lọ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìpéǹpéjú. Èyí àkọ́kọ́ ló ń mú kí gèlè jókòó, èkejì ló ń sọ bí ó ṣe tóbi tó.

Wọ́n á ya àwọn méjèèjì sórí ìpele tuntun tí wọ́n fi sí Multiply, wọ́n á sì dín Opacity rẹ̀ kù sí nǹkan bí 40. Àwọ̀ tí wọ́n á lò kì í ṣe dúdú. Òjìji lórí awọ ènìyàn dúdú ní pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ nínú, nítorí náà ibi tó ṣókùnkùn jù lójú Màmá fúnra rẹ̀, bóyá ẹ̀gbẹ́ imú tàbí ẹ̀yìn etí, ni wọ́n á ti mú àwọ̀ náà. Òjìji tí wọ́n bá fi dúdú gidi yà á dà bí èédú. Ohun kan náà ni wọ́n á ṣe lábẹ́ àgbọ̀n, lábẹ́ etí ọrùn bùbá, àti lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ bí ó bá wà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn aláṣejù máa ń fi bo ojú ìsopọ̀ mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní òjìji tún wá di àlèébù tuntun.

Síbẹ̀, ojú ènìyàn kì í ṣe adájọ́ rere lórí òjìji. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú fọ́tò Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa Ààrẹ Kennedy ní 1963. Fọ́tò kan wà tí ìyàwó rẹ̀ yà ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní oṣù Kẹta ọdún náà, níbi tó ti di ìbọn mú. Oswald sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé orí òun ni wọ́n gbé lé ara ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́: wọ́n ní òjìji imú rẹ̀ ṣubú tààrà sísàlẹ̀, òjìji ara rẹ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n tún ní àgbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọn kò rí ẹ̀tàn kankan. Ní 2009, Hany Farid, ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa ayédèrú àwòrán, fi kọ̀ǹpútà mọ orí Oswald, ó gbé oòrùn kan ṣoṣo sójú ọ̀run, òjìji imú àti ti ara sì bọ́ sí ibi tí wọ́n wà nínú fọ́tò náà gan-an. Oòrùn kan náà ló dá méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ni pé kí ó má fi ojú díwọ̀n. Kí ó fa ìlà. Láti ibi tí òjìji kan parí sí, kí ó fa ìlà gba ṣóńṣó ohun tó dá a kọjá. Kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún òjìji mìíràn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, gbogbo ìlà náà á lọ pàdé ní ojú kan, kódà bí ojú náà bá wà lẹ́yìn etí fọ́tò. Bí ìlà ti orí bá lọ sí apá ọ̀tún tí ti ara sì lọ sí òsì, iṣẹ́ náà kò tíì parí, bó ti wù kí awọ rẹ̀ dán tó.

Nígbà tí wọ́n bá rò pé ó ti parí, àwọn ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí kò gba àsìkò. Wọ́n á yí fọ́tò náà padà, kí ọ̀tún di òsì. Ojú tó ti mọ́ àléébù lára á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Wọ́n á gbé Curves kan lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n á sì tẹ ìlà rẹ̀ sókè-sódò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Fọ́tò á burú jáì, àwọ̀ rẹ̀ á ya wèrè, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ tó sá pamọ́ á yọ síta bí àpá. Tí wọ́n bá ti rí i tán, wọ́n á pa Curves náà rẹ́. Fún báńà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí wọ́n gé ibi ọrùn nìkan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lára báńà gan-an. Ohun tí kò hàn lójú kọ̀ǹpútà á hàn níbẹ̀, bébà kan kò sì tó nǹkan kan lára owó báńà tí wọ́n bá ní láti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní àtúnṣe. Orí tí wọ́n yà láti ìsàlẹ̀, tí ihò imú hàn, kò lè bá ara tí wọ́n yà láti òkè mu. Orí tó kọ ẹ̀gbẹ́ kò lè bá èjìká tó kọjú síwájú mu ju ìwọ̀n tí ọrùn ènìyàn lè yí lọ. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ìrìnnà àti ti káàdì ìdánimọ̀ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: bí ẹnì kan ṣe wà gan-an ni àwọn aláṣẹ ń béèrè, àtúnṣe lórí rẹ̀ sì lè di ẹjọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún wọn, kó mú páásípọ́ọ̀tù náà fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n síkáànù rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi fóònù yà tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti pàdánù ìdajì ohun tí iṣẹ́ náà nílò. Kó mú fọ́tò aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, kí wọ́n lè mú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ojú Màmá mu. Kó sì dúró wo bébà A4 yẹn kó tó sanwó báńà.